Ìwé Gígùn, Àpótí Mẹ́rin

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn tún ìwé àlàyé ara-ẹni wọn ṣe ló máa ń sọ gbólóhùn kan náà: "Ẹ bá mi gé e kúrú." Iṣẹ́ ìwé kíkọ ni mo ń ṣe jẹun, irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì máa ń dé ọ̀dọ̀ mi ní àsìkò tí àwọn yunifásítì òkè òkun bá ń gba fọ́ọ̀mù másítà. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé gígé kọ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ki ọ̀bẹ bọ ìwé tó gùn jù yóò gé e kúrú lóòótọ́, àmọ́ ìwé tó ń rìn gbéregbère tẹ́lẹ̀ yóò kàn máa rìn gbéregbère ní kúkúrú ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọbìnrin tó ni ín ti gbà mí láyè láti sọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ló ti dàgbà, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò omi kan. Ó fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ másítà ọlọ́dún kan nípa omi àti àyíká ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tó fi ránṣẹ́ sí mi jẹ́ ọ̀rọ̀ 2,140, ìpínrọ̀ mẹ́ta péré ló sì pín in sí.

Fọ́ọ̀mù yunifásítì náà kò béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àpótí mẹ́rin ló gbé kalẹ̀. Èkíní béèrè ìdí tí o fi fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀rọ̀ 250 ló sì gbà. Èkejì béèrè ohun tó ti múra ọ sílẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ 300. Ẹ̀kẹta béèrè ohun tí o fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí, ọ̀rọ̀ 300. Ẹ̀kẹrin béèrè ohun tí o máa fi ẹ̀kọ́ náà ṣe lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ 150. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,000.

Mo ní kí ó tẹ ìwé náà jáde lórí bébà, kí ó sì wá bírò aláwọ̀ mẹ́rin, àwọ̀ kan fún àpótí kan. Kí ó ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ó bi í pé, "Ìbéèrè wo lo dáhùn?" Àwọ̀ ìbéèrè tó bá dáhùn ni kí ó fi fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá dáhùn méjì, kí ó là á sí méjì. Èyí tí kò bá dáhùn ọ̀kankan, kí ó fi í sílẹ̀ láìfàlà. Mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ó ka iye ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ó pè mí. Àpótí kìíní ní ọ̀rọ̀ 910. Èkejì ní 520. Ẹ̀kẹrin ní 115. Àwọn tí kò nílé jẹ́ 530: ọ̀rọ̀ Mandela lórí ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ̀bùn tó gbà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ìyìn yunifásítì náà tó kó láti inú ìwé tí yunifásítì fúnra rẹ̀ kọ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ 65 péré ni mo rí."

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi bẹ̀rẹ̀ láti ibi gígé. Ìwé tó gùn ju ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ní kí a kọ ni, síbẹ̀ ebi ń pa á ní ibi tí àwọn olùkọ́ tó máa kà á máa kọ́kọ́ wò. Ká ní a gé e bó ṣe wà, tí a dín gbogbo rẹ̀ kù sí ìdajì, ọ̀rọ̀ 65 yẹn ì bá di 30, kò sì sẹ́ni tó máa fura. Ìwé gígùn máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀: ẹni tó kọ ọ́ rí i pé ó pọ̀, ó rò pé ó kún.

A wá fi ọ̀rọ̀ gígé sílẹ̀, a dojú kọ àpótí ẹ̀kẹta. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé òun fẹ́ ṣe ìwádìí nípa ìdọ̀tí inú omi ní Nàìjíríà, kí òun lè wá ojútùú sí i. Mo bi í pé, "Kí lo fẹ́ mọ̀ tí o kò tíì mọ̀?"

Ó ronú díẹ̀. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òjé ń wọnú ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń fi omi kòtò kùsà gbìn."

Ẹni tó bá mọ Jọ́ọ̀sì á mọ ohun tó ń sọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó wa tíìnì níbẹ̀ nígbà ìjọba òyìnbó fi kòtò ńláńlá sílẹ̀ káàkiri òkè náà, òjò sì kún wọn di adágún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àgbẹ̀ máa ń fi ẹ̀rọ fa omi inú wọn bomi rin tòmátò, kábéèjì àti ẹ̀fọ́ mìíràn. Mo bi í pé adágún mélòó, ẹ̀fọ́ wo, ìgbà wo, kí ló sì máa fi wé e. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ láìwo ìwé: adágún mẹ́ta tí òun mọ ọ̀nà wọn, kábéèjì nìkan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òun fi wé kábéèjì tí wọ́n fi omi kànga gbìn. Ó ti mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Kò kàn sí ibì kan nínú ọ̀rọ̀ 2,140 tó ti bi ara rẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni ohun kan ti hàn tí ìwé gígùn náà ì bá máà fi hàn láéláé. Nínú másítà ọlọ́dún kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ìgbà ooru wọn, láti nǹkan bí oṣù Òkúdù sí Ògún, ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń ráyè ṣe ìwádìí àṣekágbá. Òjò ló máa ń rọ̀ ní Jọ́ọ̀sì nígbà náà. Kò sí ẹni tó ń fa omi adágún, kò sì sí kábéèjì ẹ̀ẹ̀rùn lóko. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á rí i lójú ẹsẹ̀ pé ìwádìí náà kò ṣeé ṣe nínú àkókò tó wà. Òun fúnra rẹ̀ ló rí ojútùú: òjé kì í tètè bá omi òjò lọ, inú ilẹ̀ ló máa ń dì mọ́. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ oko ló yẹ̀wò dípò ẹ̀fọ́, ó lè bu erùpẹ̀ ní oṣù Agẹmọ láti oko tí wọ́n fi omi adágún rin àti oko tí wọ́n fi omi kànga rin. Àpótí ẹ̀kẹta kún, ó di ọ̀rọ̀ 288. Ó sọ ohun tó máa wọ̀n, ibi tó máa ti bù ú, ìdí tó fi yan ilẹ̀, àti ohun tí ilẹ̀ nìkan kò lè fi hàn nípa ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ.

Ìgbà yìí la tó mú ọ̀bẹ, nítorí a ti mọ ohun tí àpótí yòókù ń gbé ẹsẹ̀ lé. Èkejì rọrùn. Ó ti kọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀rí: mo ṣe èyí, mo tún ṣe tọ̀hún. A bi ẹyọ kọ̀ọ̀kan pé kí ló ṣe fún ìbéèrè tó wà nínú àpótí ẹ̀kẹta. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan lórí ìdarí bọ́ síta. Oṣù 14 tó fi ń bu omi kànga wò dúró, ó sì gbilẹ̀, nítorí ó wá sọ ohun tó máa ń ṣe nígbà tí àbájáde ẹ̀ẹ̀mejì kò bá bára mu.

Àpótí kìíní ló le. Nínú ọ̀rọ̀ 910 tó wà níbẹ̀, ó lé ní 400 tó jẹ́ ìtàn rògbòdìyàn Jọ́ọ̀sì ní oṣù Bélú ọdún 2008: iná tó jó ṣọ́ọ̀bù aṣọ bàbá rẹ̀, ẹrù tó bá a lọ, owó ilé ìwé tí kò sí mọ́, bí ìdílé ṣe kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Mo bi í pé ìbéèrè wo ni iná ṣọ́ọ̀bù náà dáhùn.

Ó dákẹ́ títí. "Àǹtí, bàbá mi ni."

N kò lè fi ìyẹn ṣeré. Ṣùgbọ́n àpótí náà kò béèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, ìdí tó fi fẹ́ kọ́ nípa omi ló béèrè. Ìdí náà sì wà nínú ìtàn yẹn gan-an, ìlà mẹ́ta péré nísàlẹ̀, níbi tí ẹni tó ń kà á kíákíá kò ní dé. Ibi tí wọ́n kó lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún kùsà kan. Ohun tó kọ níkẹyìn, tí mo sọ di Yorùbá níhìn-ín, nìyí: "Ní ọdún 2008 rògbòdìyàn lé ìdílé wa lọ sí ẹ̀bá adágún ìwakùsà kan. Omi rẹ̀ la fi ń fọ aṣọ, òun náà ni àwọn àgbẹ̀ fi ń rin ẹ̀fọ́ tí a ń rà. Kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa." Ẹni tó bá ka gbólóhùn mẹ́ta yìí á mọ̀ pé nǹkan jó. Á tún mọ ibi tí àpótí ẹ̀kẹta ti wá.

Nǹkan méjì ló kù kí ó tó fi ránṣẹ́. Ó ka àpótí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bí ẹni tí kò rí ìyókù, nítorí a kò mọ èyí tí olùkà máa kọ́kọ́ ṣí. "Bí mo ṣe sọ lókè" kò ní ìtumọ̀ níbi tí kò sí òkè. Lẹ́yìn náà ó lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ inú fọ́ọ̀mù, ó sì wo gbólóhùn tó parí àpótí kọ̀ọ̀kan. Àwọn fọ́ọ̀mù mìíràn máa ń gé ohun tó bá lé láìkìlọ̀, ẹ̀rọ méjì sì lè má ka ọ̀rọ̀ tó ní àmì ìsopọ̀ láàárín bákan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí a fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sílẹ̀ láìlò.

Ìwé 2,140 yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìlà aláwọ̀ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó fẹ́ kọ tẹ̀ lé e ní àpótí kan tó béèrè ìnira tí olùbéèrè ti là kọjá, àti bó ṣe là á kọjá. Ọ̀rọ̀ 400 ló gbà. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ wà báyìí.