Gbèsè Kan, Ọrùn Mẹ́ta

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe nílùú Ìbàdàn, ìwé àdéhùn sì wà lára ohun tí mo sábà máa ń túmọ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn kọ́ ló máa ń dá mi dúró nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ kéékèèké tó jọ pé ó rọrùn. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, torí ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fọwọ́ sí i rí.

Àwọn ìyá mẹ́ta tó ń ta gàrí àti èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà fẹ́ jọ yá 900,000 náírà. Ìpínrọ̀ kan nínú ìwé náà fi ọ̀rọ̀ méjì péré sọ bí wọn yóò ṣe jẹ gbèsè ọ̀hún. Bí a bá tẹ̀ lé ìwé atúmọ̀ èdè, a ó kọ pé wọ́n jẹ ẹ́ “lápapọ̀ àti lẹ́nìkọ̀ọ̀kan”. Kò sí àṣìṣe nínú gírámà rẹ̀. Síbẹ̀, mo kà á fún èyí tó dàgbà jù nínú wọn, mo sì bi í léèrè pé, “Mà, bí ẹ bá san 300,000, ṣé ẹ ti bọ́ nínú gbèsè?”

Ó ní, “Mo ti bọ́, ọmọ mi. Mo ti san tèmi.”

Ìdáhùn yẹn ló fi hàn mí pé ìtumọ̀ náà kò dúró. Létí Yorùbá, “lẹ́nìkọ̀ọ̀kan” ń pín nǹkan ni: kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ohun tí òfin ní lọ́kàn yàtọ̀ pátápátá. Gbogbo 900,000 náà wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lódindi. Ayánilówó lè fi àwọn méjì yòókù sílẹ̀, kí ó gba gbogbo owó lọ́wọ́ ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà jù. Ẹni tó bá san án ni yóò wá máa lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìpín tiwọn.

Mo ronú kan “onídùúró”, àmọ́ kò bá a mu. Gbèsè ẹlòmíì ni onídùúró ń dúró fún, a sì gbà pé ẹni tó jẹ owó gan-an ni a ó kọ́kọ́ bi. Níhìn-ín, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ owó.

Ohun tó súnmọ́ ọn jù láyé àtijọ́ ni ológò, tí Sámúẹ́lì Johnson ṣàpèjúwe nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Bí ológò bá jókòó ti ajigbèsè nínú agbo ilé, ó lè mú adìyẹ tàbí àgùntàn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọ̀ràn ajigbèsè ni iye rẹ̀ yóò já sí. Ìrònú náà kò ṣàjèjì sí wa nígbà náà. Ṣùgbọ́n agbo ilé ló so àwọn ti ológò pọ̀. Ìbuwọ́lùwé ló so àwọn ìyá wọ̀nyí. N kò lè fi ọ̀rọ̀ tó rù ìtìjú àti ìgbésẹ̀lé sínú ìwé àdéhùn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan kò sí, mo kọ gbólóhùn mẹ́ta: “Gbèsè kan ṣoṣo ni owó yìí, gbogbo rẹ̀ sì wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ayáwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ayánilówó lè gba gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, tàbí lọ́wọ́ gbogbo wọn. Kò lè gbà ju iye gbèsè náà lọ.”

Mo dúró níbẹ̀. Òótọ́ ni pé òfin gba ẹni tó san láyè láti béèrè ìpín àwọn yòókù, àmọ́ ìpínrọ̀ náà kò sọ ọ́. Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ fi kún àdéhùn. Ẹnu ni mo fi ṣàlàyé ìyẹn fún wọn.

Mo tún ka ìpínrọ̀ mìíràn sí wọn létí: bí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì bá takora, ti Gẹ̀ẹ́sì ni yóò lékè. Nítorí náà, bí ìtumọ̀ bá dùn létí tí kò sì pé, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò san owó àìpé náà.

Mo tún bi ìyá àgbà ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. “Ẹ má bínú,” ni ó wí fún wọn, “mo fẹ́ràn yín, àmọ́ n kò lè ru 900,000.” Wọ́n padà sọ́dọ̀ ayánilówó, oníkálukú sì yá 300,000 pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Èlé rẹ̀ fi díẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fi èlé náà rà.