Sẹ́ńsọ̀ tó ń fi oorun ṣiṣẹ́

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yàrá tí màmá wa ń kó aṣọ títà sí kì í sí lójú wọn. Wọ́n fẹ́ kí fóònù máa sọ fún wọn bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Àwa ọmọ wọn méjì tá a ń fi kóòdù jẹun la gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi àdéhùn kan tì í: “Ẹ ò ní máa gun àkàbà pààrọ̀ bátìrì lóṣooṣù o. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó.”

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún. Bátìrì LiFePO4 tá a rà jẹ́ 1,500 mílíáńpù-wákàtí, àmọ́ 1,200 la kà, torí bátìrì máa ń jò fúnra ẹ̀, èèyàn kì í sì í lò ó gbẹ. Tẹ́ ẹ bá pín 1,200 sí 8,760, ohun tá a lè ná ò tó 0.14 mílíáńpù. Bẹ́ẹ̀ ESP32 tó lajú, tó ń fi Wáìfáì ránṣẹ́, ń jẹ bíi 120. Ìyẹn ni pé oorun ló gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀. Tó bá sun oorun àsùnwọra, ṣíìpù náà ò ní jẹ ju bíi 10 máíkíróáńpù lọ.

Ṣíìpù nìkan kọ́ ló ń jẹun, ṣá. Régúlétọ̀ AMS1117 tó wà lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ń jẹ bíi 5 mílíáńpù kódà nígbà tí ṣíìpù bá ń sùn. Ọjọ́ mẹ́wàá péré nìyẹn, bátìrì wa ti tán. Ìdí tá a fi mú LiFePO4 nìyí: fóltéèjì ẹ̀ máa ń wà ní bíi 3.2, ó sì bá ṣíìpù mu láìsí régúlétọ̀.

Ibi kejì tó ń jẹun ni súìsì. Òòfà wà lára ilẹ̀kùn, súìsì wà lára férémù. Tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, òòfà á fa irin inú súìsì pọ̀, iná á sì máa ṣàn kọjá níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Rẹsísítọ̀ inú ESP32 jẹ́ bíi 45,000 ọ́ọ̀mù, bíi 70 máíkíróáńpù ló sì ń jẹ́ kó kọjá. Ìdajì owó wa ti lọ, ilẹ̀kùn ò sì tíì ṣí! A fi rẹsísítọ̀ 1,000,000 ọ́ọ̀mù síta dípò ẹ̀, ó wálẹ̀ sí 3.

Báwo ló ṣe máa jí? Pínnì kan ló ń jí i, àmọ́ ipò tí pínnì wà ló ń wò, kì í wo ìyípadà. Tẹ́ ẹ bá ní kó jí nígbàkigbà tí pínnì bá jẹ́ 1, tí ẹnì kan sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, á sùn, á jí, á sùn, á jí, títí bátìrì á fi kú. Torí náà, kó tó sùn, ó gbọ́dọ̀ wo ipò tó wà, kó sì dúró de òdìkejì ẹ̀:

```
rtc_gpio_deinit(GPIO_NUM_33);
pinMode(33, INPUT);
int s = digitalRead(33);
esp_sleep_enable_ext0_wakeup(GPIO_NUM_33, !s);
esp_sleep_enable_timer_wakeup(43200000000ULL);
esp_deep_sleep_start();
```

Tí ilẹ̀kùn bá ṣí, á tan Wáìfáì fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Tó bá tì, á kàn yí ipò padà, á sùn padà láìtan Wáìfáì rárá. Ìgbà 20 lójúmọ́ la rò pé wọ́n á ṣí i: ìyẹn 730 mílíáńpù-wákàtí lọ́dún. Tá a bá fi oorun àti àwọn jíjí yòókù kún un, kò dé 1,000.

Iná ọba ló lè ba ìṣirò yìí jẹ́. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ráútà á kú. Kóòdù tó bá ń wá Wáìfáì láìdáwọ́ dúró á jẹ 120 mílíáńpù ní gbogbo wákàtí. Wákàtí mẹ́wàá pa á, 1,200. Oúnjẹ ọdún kan, òru kan ṣoṣo! Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún la fún un. Tí kò bá rí ráútà, á fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú mẹ́mọ́rì tí kì í sùn, á sì tún gbìyànjú lẹ́yìn wákàtí kan. Ìròyìn á pẹ́ dé o, a ò purọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó pẹ́, kó wá bátìrì fún ráútà náà.

Ìlà tó ní 43200000000 nínú ńkọ́? Wákàtí 12 nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ tó ti kú ò ní sọ nǹkan kan, ilẹ̀kùn tó wà ní títì náà ò ní sọ nǹkan kan. Lójú ẹni tó ń wo fóònù, ọ̀kan náà ni wọ́n, ọkàn ẹ̀ á sì balẹ̀ lórí asán. Nítorí ẹ̀ ló ṣe ń jí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tó ń sọ iye fóltéèjì tó kù. Bíi 73 mílíáńpù-wákàtí ló ń ná wa lọ́dún. Ọjọ́ tí kò bá ti jíṣẹ́ ni ká ti gbé àkàbà.