Ìdáhùn Òdì Tí A Máa Ń Fa Igi Lé

Bóyá ni ẹnikẹ́ni wà tó gba ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò kọjá tí kò bá ìbéèrè ọkọ̀ ojú omi pàdé. Ọkọ̀ kan gun odò lọ, ó bá ìṣàn odò padà; wọ́n sọ iye wákàtí tó lò fún wa, wọ́n ní ká wá eré tí ọkọ̀ náà ń sá nínú omi tí kò ṣàn. Ìdáhùn méjì ló máa ń jáde, ọ̀kan ju òdo lọ, èkejì kò tó òdo. A ó fa igi lé èkejì, a ó kọ ọ́ pé ọkọ̀ kì í sá eré òdì, a ó sì kọjá sí ìbéèrè tó kàn. Ìdáhùn tí a ń fa igi lé yẹn ni mo fẹ́ gbèjà rẹ̀ lónìí, nítorí pé òun ló là mí lójú nínú ọ̀rọ̀ epo kan tó fẹ́ ba iṣẹ́ àbúrò bàbá mi jẹ́.

Ará Ọ̀wọ́rọ̀ ni wá, Lọ́kọ́jà sì ni àbúrò bàbá mi ti ń wa ọkọ̀, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀gá kan ló ni ín, òun náà ló sì ń fún wọn ní epo. Wọ́n máa ń gun Odò Ọya lọ sí ọjà kan tó jìnnà tó kìlómítà 24, wọ́n á sì padà lọ́jọ́ kan náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí 5 ni àlọ àti àbọ̀ ń gbà lórí omi. Ẹ́ńjìnnì náà ń mu epo bẹntiróò lítà 5 ní wákàtí kan, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan ń tó wọn géérégé.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án tí odò kún, kẹ́ẹ̀gì kan kò tó mọ́. Epo a tán nígbà tó bá ku nǹkan bíi kìlómítà 4 kí wọ́n dé ọjà, àbúrò bàbá mi a sì fi owó ara rẹ̀ ra òmíràn. Nígbà tó sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ohun tó gbọ́ ni pé: "Bí odò bá ń fà yín sẹ́yìn lálọ, ṣebí ó ń tì yín síwájú lábọ̀? Ohun tó gbà lọ́wọ́ yín ló dá padà. Kí ló wá mu epo mi?" Kò pe ẹnikẹ́ni lólè, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Mo ti wọn ìṣàn odò náà rí nígbà ìsinmi oṣù kẹrin. Mo ri igi méjì mọ́ etí odò, mítà 50 ló wà láàárín wọn. A bu omi dé ààbọ̀ ike kan, a dé e, a jù ú sí àárín odò, mo sì ń wo aago. Ìṣẹ́jú àáyá 90 ló fi ti igi kìíní dé ìkejì, èyí tó jẹ́ kìlómítà 2 ní wákàtí kan. Bí a bá pe eré ọkọ̀ náà nínú omi tí kò ṣàn ní x, eré rẹ̀ lálọ á jẹ́ x − 2, ti àbọ̀ á jẹ́ x + 2. Bí a bá fi eré pín ọ̀nà, wákàtí ni yóò jáde:

24/(x − 2) + 24/(x + 2) = 5

Ohun tí a kò mọ̀ wà nísàlẹ̀ ìlà ìpín. A fi (x − 2)(x + 2) sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀ láti mú un kúrò níbẹ̀, ó wá di:

5x² − 48x − 20 = 0

Ìdáhùn méjèèjì ni 10 àti −0.4. Ẹ dán 10 wò: wákàtí 3 lálọ, wákàtí 2 lábọ̀, ó pé 5. Ẹ wá dán −0.4 wò: apá kìíní á fún wa ní −10, apá kejì á fún wa ní 15, àròpọ̀ wọn ṣì jẹ́ 5. Ìdọ́gba náà kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Àwa tá a mọ̀ pé wákàtí kì í dín ju òdo lọ ló ń kọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ọkọ̀ náà rin kìlómítà 48 ní wákàtí 5, ìyẹn kìlómítà 9.6 ní wákàtí kan bí a bá pín in dọ́gba. Eré ẹ́ńjìnnì jẹ́ 10. Ohun tó sọnù láàárín wọn jẹ́ 0.4, iye tó wà nínú ìdáhùn òdì gan-an. Kì í ṣe pé ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá pe ìṣàn odò ní s, ìdáhùn kan jẹ́ x, èkejì á jẹ́ −s²/x nígbà gbogbo, àròpọ̀ àwọn méjèèjì ló sì ń jẹ́ eré àlọ àti àbọ̀ lápapọ̀. Ìdáhùn tí à ń sọ nù ni iye tí odò ń jí nínú eré ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá yẹn ti wọ́. Òótọ́ ni pé kìlómítà 2 tí odò yọ nínú eré lálọ ló fi kún un lábọ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí 3 ni wọ́n fi jìyà àyọkúrò, wákàtí 2 péré ni wọ́n fi jẹ àǹfààní àfikún. Wákàtí ni ẹ́ńjìnnì sì ń kà tó fi ń mu epo.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyàtọ̀ yìí kéré débi pé ojú kò rí i. Bí odò kò bá ṣàn rárá, wákàtí 4.8 ni wọn ìbá lò. Ìṣẹ́jú 12 péré ni ìṣàn fi kún un. Nínú oṣù kẹsàn-án, ike náà lo ìṣẹ́jú àáyá 30 láti igi dé igi, ìyẹn kìlómítà 6 ní wákàtí kan. Ìṣàn di ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n s² ló wà nínú ohun tó ń sọnù, nítorí náà àdánù di ìlọ́po mẹ́sàn-án: 36/10, ìyẹn 3.6. Eré àlọ àti àbọ̀ já sí 6.4, kìlómítà 48 sì gba wákàtí 7.5: wákàtí 6 lálọ, 1.5 lábọ̀. Lítà 37.5 nìyẹn, kẹ́ẹ̀gì kan àti ààbọ̀. Epo lítà 25 sì máa tán lẹ́yìn wákàtí 5, ní kìlómítà 20, ibi tó ku kìlómítà 4 kí wọ́n dé ọjà, bí àbúrò bàbá mi ṣe sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

N kò kọ ìdọ́gba kankan fún ọ̀gá náà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá sí etí odò, kó di aago mú fúnra rẹ̀, kó wo ike náà. Lẹ́yìn náà mo bi í pé wákàtí mélòó ni ọkọ̀ tó ń rin kìlómítà 4 ní wákàtí kan máa fi rin 24. Ó ní mẹ́fà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Epo kẹ́ẹ̀gì kan á ti tán kí wọ́n tó dé ọjà nìyẹn." Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ti ń fi ààbọ̀ kẹ́ẹ̀gì kún un títí odò fi fà.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ìṣirò yìí ní odò tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, a gbà pé x kò yí padà lálọ àti lábọ̀. Bí ẹrù àbọ̀ bá wúwo ju ti àlọ lọ, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Èkejì, ìṣàn etí odò kì í le tó ti àárín, àwọn awakọ̀ sì mọ̀ ọ́n. Etí odò ni wọ́n ń tọ̀ bí wọ́n bá ń gòkè. Láti mọ̀ bóyá ìṣirò náà bá odò mu, ẹ ka wákàtí àlọ sọ́tọ̀, ẹ ka ti àbọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ wá eré ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá, kí ẹ pín èyí tó kù sí méjì. Ní oṣù kẹrin, 12 àti 8 ni tiwa, ìdajì ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 2, ó sì bá ohun tí ike sọ mu. Bí tiyín kò bá bá ike mu, ọ̀kan nínú nǹkan méjì yẹn ló fà á, ẹ má sì tíì gbé ìṣirò lọ bá ọ̀gá kankan.