Ọ̀rọ̀ Ìdí Tíì Tó Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Gbólóhùn méjì péré ni mo sọ ní yàrá ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ní Ìlú Ọba, òun ló sì gba iṣẹ́ àti físà lọ́wọ́ mi. Obìnrin tí mo sọ ọ́ sí kò ṣẹ̀ mí rárá. Òun gan-an ló kọ́ mi ní ọ̀pọ̀ nǹkan lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọ̀gá wa sì ní kí n lọ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, n kò mọ̀ pé iṣẹ́ ló rán mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí àwọn ọmọ Òkè-Ògùn tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà bíi tèmi pọ̀ lókè òkun, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún èmi kí n tó gbéra.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Kí n tó rìnrìn àjò, ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ni mo ti ń bá wọn ta oògùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ara èèyàn la fi ń kí i. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn tàbí Kùtọnù dé, a ó wò ó látòkè délẹ̀, a ó ní, "O mà ti sanra o, ibẹ̀ gbà ọ́!" Inú rẹ̀ á dùn. Bó bá rù, a ó bi í pé kí ló dé, àwọn àgbà á sì ní kí wọ́n wá oúnjẹ fún un. Bí a bá pàdé aláboyún lọ́nà ọjà, a ó ní àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, àwọn kan máa ń wá béèrè hóró tí yóò mú wọn sanra kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó kò. Dẹsamẹtasóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ń dárúkọ, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó léwu gan-an fún ẹni tí dókítà kò kọ ọ́ fún. Mo mọ̀ dáadáa bí ojú ẹni tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń kún tí yóò sì rí roboto, nítorí ó ń mú kí ara dá omi àti iyọ̀ dúró, ó ń kó ọ̀rá jọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀yìn ọrùn, ó sì ń mú kí ebi máa pa ni ṣáá. Ìmọ̀ yìí wà lórí mi, n kò rántí lò ó lọ́jọ́ tó yẹ.

Ní ọjọ́ 15 Oṣù Kejì ọdún 2022 ni ìjọba Ìlú Ọba fi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kún àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ará òkèèrè ní físà òṣìṣẹ́ ìlera fún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni èmi náà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ta apá kan nínú oko kajú bàbá wa kí owó lè pé. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní agbègbè Yọ́kíṣà, wọ́n sì fún mi ní oṣù mẹ́fà tí wọn yóò fi wò mí bóyá wọn yóò gbà mí pátápátá.

Iṣẹ́ náà kò le jù fún mi. Mo mọ bí a ṣe ń ran àgbà lọ́wọ́. Ìdí tíì ni wàhálà mi wà. Tí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá jókòó ti tíì, wọn yóò sọ̀rọ̀ òjò, wọn yóò sọ̀rọ̀ ajá, wọn yóò sọ eré orí tẹlifíṣọ̀n tí n kò wò rí, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín níbi tí èmi kò rí nǹkan kan tó pa ni lẹ́rìn-ín. Bí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan, ẹnìkan á ní ojú ọjọ́ mà dára o. Èmi á ní rárá, òjò ń rọ̀. Wọn á dákẹ́. Kate Fox, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìṣe ẹ̀dá, sọ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2004 pé ìkíni ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ jẹ́ láàárín wọn, àti pé ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ sí gbọ́dọ̀ gbà pẹ̀lú wọn. Ìgbà tí mo padà délé ni mo tó mọ èyí. Nígbà yẹn, ńṣe ni mo rò pé òtítọ́ ni mò ń bá wọn sọ.

Obìnrin tí mo ń sọ yìí máa ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ó lè dúró ti ẹ̀rọ tí a fi ń gbé aláìsàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kó ní òun kò mọ̀ ọ́n lò rárá, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò tó o nínú ilé náà. Lọ́jọ́ kan tó sọ bẹ́ẹ̀, mo ní kó má ṣèyọnu, màá máa bá a ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wò mí tìyanu-tìyanu.

Ó gba ìsinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ ti kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Inú mi dùn láti rí i. Bó ṣe wọlé tó ń bu omi gbígbóná sínú kọ́ọ̀pù rẹ̀, mo ké sí i lójú gbogbo wọn pé, "Ẹ wò ó bó ti sanra! Ó hàn pé o gbádùn níbi tí o lọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ó ṣeun. Ẹnìkan sọ ojú sínú fóònù rẹ̀. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá òjò yóò rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Obìnrin náà da tíì tí kò tíì mu nù, ó fọ kọ́ọ̀pù rẹ̀, ó sì jáde. Ẹ̀rín tó rín yẹn ni mo gbà pé inú rẹ̀ dùn sí i.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àìsàn oríkèé ara ló ń bá a jà. Pirẹdinisolóònù, tí òun náà jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, ni dókítà fún un, ojú rẹ̀ tó yí padà sì ń dùn ún ju àìsàn náà lọ. Èmi tí mo ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ni mo dúró tí mo ń yọ̀ sí i. Ẹyin lohùn, ó ti fọ́ kí n tó mọ̀ pé ó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, máníjà wa pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi mí bóyá ara mi ti ń mọlé, ó ní iṣẹ́ mi dára. Ó wá ní, "Mò ń rò ó ni, bóyá ó lè dára kí o bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, bí àyè bá yọ. Kò sí ìkánjú." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó ń ronú, pé ó ṣeé ṣe kó dára, àti pé kò sí ìkánjú. Àyè kò sì yọ. Bí mo bá rí obìnrin náà, mo ń kí i, ó ń dá mi lóhùn, mo rò pé kò sí nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n pè mí jókòó, wọ́n gbé ìwé síwájú mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ wà níbẹ̀. Ó tún wà níbẹ̀ pé mò ń pe òṣìṣẹ́ kan ní ilé ìdáná ní "Màmá", mo sì fi ọ̀wọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ ni o, nítorí ó jù mí lọ. Òfin Ìdọ́gba tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010 ka ọjọ́ orí àti àìlera mọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu lẹ́nu iṣẹ́. Àìsàn tó ti pẹ́ lára èèyàn lè bọ́ sábẹ́ àìlera yẹn. Bóyá ìyẹn nìkan kì bá tí lé mi. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ ló ṣe é: wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n ti ní kí n tọrọ àforíjì, n kò sì ṣe é. Mo ní kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Máníjà náà wò mí bí ẹni tó ń purọ́ lójú rẹ̀. Kò sì sí irọ́ kankan níbẹ̀, òun sọ ọ́, èmi kò gbọ́ ọ.

Wọn kò gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, agbanisíṣẹ́ tó ṣe onígbọ̀wọ́ físà gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba pé òṣìṣẹ́ náà ti kúrò. Ìjọba á wá kọ lẹ́tà tó fún ẹni náà ní 60 ọjọ́ láti wá onígbọ̀wọ́ mìíràn tàbí kó padà sílé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan láti Ìsẹ́yìn, tó ti pẹ́ lẹ́nu irú iṣẹ́ náà, ni mo sá lọ. Ọmọ ahunṣọ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Àbúrò, kí ni ọ̀gá yín sọ gan-an? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Mo tún un sọ.

"Àṣẹ ló pa fún ọ yẹn. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'mò ń rò ó ni', ó ti rò ó tán. Bó bá ní kò sí ìkánjú, bi í lẹ́ẹ̀kan náà pé: ṣé kí n ṣe é lónìí? Yóò dá ọjọ́ fún ọ."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni o."

"Ẹ̀rín wo? Ṣé ọ̀rọ̀ náà ń bá a lọ lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn?"

Ibẹ̀ ni mo dákẹ́. Ó ní bí àwàdà bá dùn mọ́ wọn, ẹnìkan á fi tirẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ̀rín bá kúrú, tí wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà sí òjò tàbí tí ẹni náà dìde, ọ̀rọ̀ ti dun ẹnìkan nìyẹn, ọjọ́ náà gan-an ló sì yẹ kí a tọ̀ ọ́ lọ níkọ̀kọ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń bú ara wọn láti fi hàn pé àwọn kò gbéra ga. Ẹni tó bá gbọ́ kò gbọ́dọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Nǹkan kékeré kan nípa ara tirẹ̀ ni kó fi dá a padà. Nípa ara ẹlòmíràn, ìbáà rù, ìbáà sanra, ó ní kí n má sọ ohunkóhun, àfi bí ẹni náà bá kọ́kọ́ sọ ọ́.

Mo rántí àwọn bàbá wa tó ta ọjà ní Gánà kí ìjọba Busia tó lé àwọn àlejò lọ́dún 1969. Àwọn tó padà sí Ṣakí nínú wọn ṣì ń fi Haúsá àti Túwì dápàárá láàárín ara wọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwàdà ọjà àwọn ẹlòmíràn, n kò bi wọ́n rí, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

N kò rí onígbọ̀wọ́ mìíràn, 60 ọjọ́ pé, mo padà sílé. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ti gba ìwé ìrìnnà, wọ́n ń retí àtidara pọ̀ mọ́ mi. Láti ọjọ́ 11 Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ìjọba Ìlú Ọba kò ti gbà kí olùtọ́jú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà mú aya tàbí ọmọ wá mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 22 Oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ọ̀nà náà pa pátápátá mọ́ olùtọ́jú tó ń ti òkèèrè bọ̀. Apá oko kajú tí ẹ̀gbọ́n mi tà ti di ti ẹlòmíràn, kò sì bi mí léèrè rí.

Kí n tó kúrò ní Yọ́kíṣà, mo kọ lẹ́tà sí obìnrin náà. Mo kọ́kọ́ kọ ọ̀nà tí a ń gbà kíni ní Ṣakí sínú rẹ̀, mo kà á, mo ya á. Àwáwí ló jọ. Mo tún un kọ ní ṣókí: pé mo sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, pé ó dùn ún, pé ó yẹ kí n ti tọ̀ ọ́ wá lọ́jọ́ náà, àti pé òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ tí a fi ń gbé aláìsàn. Kò fèsì. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.