Fóònù tó ń sọdá ẹnubodè láìjáde nílé

Láti ìgbà àdéhùn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ní 1889 ni ìlà ẹnubodè ti pín Ìlárá wa sí méjì. Àwa èèyàn mọ ibi tí ìlà náà gbà. Fóònù ni kò mọ̀.

Ní bírò wa, mo lè wà lórí àga kan náà látàárọ̀, kí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé mo ti dé Nàìjíríà. Àbúrò tó jókòó tì mí á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ra búrẹ́dì Àgége bọ̀.” Bí a bá fẹ́ fi ìwé kan ránṣẹ́ sí Kétu, òbírí tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà á jó ju Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ, ìwé ò ní kúrò lójú kan. Àwa ń pè é ní rẹ́sò, àwọn ará ọ̀hún ń pè é ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò jẹ́ èyíkéyìí nínú orúkọ méjèèjì.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ bátìrì kì í ṣe àwàdà lásán. Bí mo bá lo ọjọ́ kan ní Kétu, fóònù yìí á bá mi dalẹ́. Ní Ìlárá, aago kan ọ̀sán ló ń kú. Òpó tó jìnnà dà bí ẹni tó wà lódìkejì odò: àfi kí fóònù pariwo kó tó gbọ́, iná bátìrì ló sì fi ń pariwo. Bí òpó náà bá pòórá, á máa wá òmíràn kiri, ìyẹn náà ń jẹ iná. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí fóònù bá gbóná lápò nígbà tí ẹ ò lò ó.

Ẹ wọ Paramètres, kí ẹ pa “Itinérance des données”, kí owó yín má baà bá fóònù sọdá. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbi tí orúkọ àwọn rẹ́sò wà, ẹ fi ọwọ́ ara yín yan ti ilé, kó má máa fò kiri. Ṣùgbọ́n níbi tí òpó ilé ò dé rárá, yóò ṣì máa wá a. “Mode avion” nìkan ló lè dá ìwákiri náà dúró, kò sì sẹ́ni tó máa lè pè yín.

Èmi ò lè ṣe ìyẹn. Màmá mi wà lọ́hùn-ún, ara wọn ò sì le. Mo wá ra fóònù kékeré oníbọ́tìnnì, tí bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ mẹ́ta, ìpè nìkan ni mo fi ń gbà. Wọ́n ń pè mí ní oníbejì ní bírò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí. Kẹ́hìndé ni Màmá ń pè, kì í sì í kú lọ́sàn-án.