Ṣé Àfikún Owó Oṣù Lè Bá Owó Orí Lọ?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn agùnbánirọ̀ àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́: pé bí owó oṣù bá pọ̀ díẹ̀ sí i, èèyàn lè bọ́ sí ìpele owó orí tó ga, kí owó tó ń mú lọ sílé wá dín kù. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní GRA, níbí ní Ìlọrin, bi wá ní ìbéèrè yìí gan-an. Wọ́n fẹ́ sọ owó oṣù rẹ̀ di ₦300,000 láti ₦250,000. Ó ní, "Ẹ bá mi ṣírò ó o. Wọ́n ní mo ti bọ́ sí ₦18 nínú ₦100."

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, ni a fi ṣe é. Owó ọdún kan ni òfin náà ń wò. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ₦15 nínú ₦100 ni. Lórí ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ₦18 nínú ₦100 ni. Ó ń gòkè báyìí títí dé ₦25 nínú ₦100, fún owó tó bá ju ₦50,000,000 lọ.

Ẹ wò ó bí ìgbà tí a to garawa sídìí ẹ̀rọ omi. Èyí àkọ́kọ́ á kún ná kí omi tó ṣàn sínú ìkejì. Omi tó bá dé inú garawa kẹta kò yí èyí tó wà nínú ìkejì padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ₦18 yẹn kò kan owó tó wà nísàlẹ̀.

Kí a tó bu owó sínú garawa, a kọ́kọ́ ń yọ àwọn ohun tí òfin ní kí a yọ. Owó ìfẹ̀yìntì jẹ́ ₦8 nínú ₦100. Tí èèyàn bá ń san owó ilé, a máa yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé ọdún kan, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ẹ̀gbọ́n wa ń san ₦400,000 lọ́dún, nítorí náà ₦80,000 ni a yọ.

Ní ₦250,000, owó ọdún rẹ̀ jẹ́ ₦3,000,000. A yọ owó ìfẹ̀yìntì ₦240,000 àti ₦80,000 ti ilé, ó ku ₦2,680,000. A fi ₦800,000 sílẹ̀, ó ku ₦1,880,000. ₦15 nínú ₦100 rẹ̀ jẹ́ ₦282,000 lọ́dún, ìyẹn ₦23,500 lóṣù.

Ní ₦300,000, owó ọdún jẹ́ ₦3,600,000. A yọ ₦288,000 àti ₦80,000, ó ku ₦3,232,000. Garawa àkọ́kọ́ kò mú owó orí wá. Ìkejì kún dẹ́nu, ó mú ₦330,000 wá. ₦232,000 péré ló ṣàn dé ìkẹta, owó orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦41,760. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦371,760 lọ́dún, ìyẹn ₦30,980 lóṣù.

Nínú ₦50,000 tí wọ́n fi kún un, owó orí mú ₦7,480, owó ìfẹ̀yìntì mú ₦4,000. ₦38,520 tó kù, tirẹ̀ ni. Ohun tó ń dẹ́rù bani ni pé àwọn kan ń fi ₦18 ṣírò gbogbo owó náà láti ìsàlẹ̀. Ìyẹn á fún wọn ní ₦48,480 lóṣù, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ìwé owó oṣù yín, níbi tí wọ́n kọ PAYE sí. Agbanisíṣẹ́ ló ń yọ owó náà, tó sì ń san án fún ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé. Ní Kwara, KW-IRS ló ń gbà á. Bí ọ́fíìsì kò bá mọ iye owó ilé yín, wọn kò ní yọ ọ́. Ti ẹ̀gbọ́n wa ì bá di ₦32,180, ₦1,200 á máa lọ lásán lóṣooṣù. Nítorí náà, ẹ fún wọn ní rìsíìtì owó ilé. Ẹ tún wo owó ìfẹ̀yìntì: orí owó oṣù gangan, owó ilé gbígbé àti owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n sábà máa ń ṣírò rẹ̀. Bí àwọn àjẹmọ́nú mìíràn bá wà nínú owó yín, ohun tí a ó yọ á kéré sí ti àpẹẹrẹ yìí, owó orí á sì ga díẹ̀.