Oúnjẹ Ọ̀sẹ̀ Kan Láti Ọjọ́ Sátidé

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òwe yìí kò yé mi dáadáa títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 2022, nígbà tí ìyàwó mi, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ẹnu iṣẹ́ òru dé tí ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà láìlè bọ́ bàtà rẹ̀. Mo bi í pé, "Ìyá Tólú, kí lo jẹ lálẹ́ àná?" Ó ní búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí inú ti ń run ún nígbà náà.

Iṣẹ́ àárọ̀ rẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 8 títí di aago 2 ọ̀sán. Iṣẹ́ ọ̀sán a gbà á di aago 8 alẹ́. Iṣẹ́ òru a sì mú un di aago 8 òwúrọ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè kàn án. Mo wá pinnu pé èmi tí n kì í lọ sí ibi iṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ ni n ó máa dáná.

Àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo se ìkòkò ńlá ìrẹsì kan àti ìkòkò ọbẹ̀ kan, mo dé wọn ní gbígbóná, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó gbé wọn sínú fíríìjì. Nígbà tí ó fi di alẹ́ Mọ́ńdè, ọbẹ̀ ti ń yọ ìfófòó, ó sì ti kan. Ìrẹsì ní tirẹ̀ kò rùn rárá, mo sì fẹ́ gbé e kaná. Ìyàwó mi dá mi dúró: "Bàbá Tólú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dà á nù. Kòkòrò tí ó ń hù nínú ìrẹsì tí ó pẹ́ níta a máa tu oró sínú rẹ̀, iná kò sì lè pa oró náà." Ó ṣàlàyé pé ìta ìkòkò ńlá lè ti tutù, kí àárín rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò ti ń pọ̀ sí i.

Láti ìgbà náà, ata nìkan ni mo ń dín ní Sátidé. Tàtàṣé 10, tìmáàtì 20, ata rodo 6 àti àlùbọ́sà 4 ni mo ń lọ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí n tó da òróró sí i. Bí òróró bá ti léfòó, tí ariwo ìkòkò sì rọlẹ̀, ó jinná nìyẹn. Mo ń bù ú sínú abọ́ pẹlẹbẹ 6, mo ń gbé àwọn abọ́ náà sínú omi tútù, n kì í sì í dé wọn títí ooru wọn yóò fi lọ tán. Kí wákàtí méjì tó pé, wọ́n ti wọ inú fíríìjì. Abọ́ tí a ó lò láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni ó ń wà níbẹ̀; ìyókù ń lọ sínú fírísà. Bákan náà ni mo ń ṣe ẹran bíbọ̀, àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí mo ti bọ̀ tí mo sì ti fún omi rẹ̀ kúrò. Ìdajì kóńgò ẹ̀wà ń fún wa ní mọ́ínmọ́ín bíi 12. Ewédú, ilá, ẹ̀bà àti àmàlà kò sí nínú ètò yìí, nítorí kò pẹ́ tí a fi ń sè wọ́n, ọjọ́ tí a sè wọ́n ni wọ́n sì ń dùn.

Bí iṣẹ́ òru bá kàn án, yóò jẹ àmàlà àti ẹ̀fọ́ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, yóò sì gbé mọ́ínmọ́ín méjì tí ó gbóná dáadáa dání nínú kúlà, kí ó má baà jẹ òkèlè lóru. Ìwọ̀nba tí yóò jẹ ni a ń gbé kaná títí yóò fi hó. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù kò tún padà sínú fíríìjì.

Iná mànàmáná ni ọ̀tá ètò yìí. Ife omi kan tí ó ti di yìnyín wà nínú fírísà wa, owó ẹyọ kan sì wà lórí rẹ̀. Bí a bá ti ìrìn àjò dé tí owó náà ṣì wà lókè, ọkàn wa balẹ̀. Bí ó bá ti rì sísàlẹ̀, a mọ̀ pé yìnyín ti yọ́ kí iná tó padà dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo nǹkan ti tún dì. Ní ọdún 2023, owó náà rì. Mọ́ínmọ́ín 7 ni a kó dànù lọ́jọ́ náà, ó sì dùn wá wọra.

N kò ní sọ pé oúnjẹ nìkan ni ó wo inú rírun náà, nítorí ó rí dókítà, ó sì lo oògùn. Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, ó pè mí láti ibi iṣẹ́ ní nǹkan bí aago 12, ó ní, "Bàbá Tólú, mo ti jẹun o." Mo pa iná, mo sì sùn.